Ètò Oúnjẹ Mẹ́rin fún Alátọ̀gbẹ Tó Fẹ́ Dín Ọ̀rá Ara Kù: Èwo Ló Bá Yín Mu?

Bí wọ́n bá ti sọ fún ẹnì kan n'Ìbàdàn pé ó ní àtọ̀gbẹ, kó tó délé ni ìmọ̀ràn oúnjẹ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí àdúgbò ní kó má fẹnu kan àmàlà mọ́, wíìtì ni kó máa jẹ. Ọ̀rẹ́ ní ọjà ní èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dáa jù. Ọmọ tó wà lókè òkun fi fídíò kítò, ètò tí kò gba òkèlè rárá, ránṣẹ́ sórí fóònù. Orúkọ oúnjẹ ni gbogbo wọn ń pè. Kò sẹ́ni tó béèrè oògùn tó wà nínú káàdì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ń se ọbẹ̀ nílé rẹ̀. Lójú tèmi, nǹkan méjì yẹn ló yẹ kó pinnu ètò tí ènìyàn máa mú.

Àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tó sanra, tó sì ní dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ tó ń rí déédéé ni mo kọ èyí fún, ì báà jẹ́ ní UCH, ní Adéọ̀yọ́, tàbí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò. Ọ̀rọ̀ aboyún yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ náà yàtọ̀, nítorí wọ́n lè máa wọn ẹran àti ẹja fún un. Ẹni tó sì ń rù láìjẹ́ pé ó dín oúnjẹ kù, kó lọ rí dókítà kó tó yan ètò kankan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Oògùn ló ṣáájú. Mẹtifọ́mínì nìkan kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà já wálẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n gilibẹnkilamáìdì, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Dáónìlì, àti gilimẹpiráìdì àti ínsúlínì máa ń ti ṣúgà wálẹ̀ yálà ẹ jẹun tàbí ẹ kò jẹun. Dókítà wo bí ẹ ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ kó tó kọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ wá gé òkèlè sí ìdajì láìsọ fún un. Oògùn tó ti ń bá àwo ńlá jà wá doríkọ àwo kékeré. Ẹgbẹ́ kẹta ni dapagiliflósínì àti ẹmupagiliflósínì, tó ń jẹ́ kí ṣúgà máa bá ìtọ̀ jáde. Ewu tiwọn ni pé bí ènìyàn bá gé oúnjẹ afúnnilókun bí òkèlè àti ìrẹsì kúrò pátápátá, tàbí tó gbààwẹ̀ gígùn, ásíìdì tó ń jẹ́ kítónì lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kí èébì, inú rírun àti mímí gùlegùle sì tẹ̀ lé e, nígbà tí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà kò tíì ga tó ohun tó lè dẹ́rù bani. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn pàjáwìrì nìyẹn.

Ìkejì ni owó. Èlùbọ́, gaarí àti ìrẹsì ló ń fi owó díẹ̀ yó ènìyàn. Bí ẹ bá dín wọn kù, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ ló máa dí àyè wọn, àpò sì lè pariwo. Ìkẹta ni ìkòkò: ṣé ẹ lè jẹ ẹ́ fún ọdún kan nínú ilé tí ọkọ, ọmọ àti ìyá ọkọ ti ń jẹ nínú ìkòkò kan náà?

Ìkẹrin ni bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Sítírípù ìwọ̀n ṣúgà kò pọ́ọ́kú, nítorí náà ẹ má kàn máa gún ìka bó bá ṣe wá sọ́kàn. Ẹ gún un kí ẹ tó mú òkèlè àkọ́kọ́, kí ẹ tún gún un ní wákàtí méjì lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ náà. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì ló ń sọ ohun tí àwo yẹn ṣe sí yín. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, a fẹ́ kó wà láàárín 80 sí 130 kí oúnjẹ tó wọlé, kó má sì kọjá 180 lẹ́yìn wákàtí méjì. Dókítà lè fàyè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ti dàgbà gan-an. Bó bá jẹ́ 7 tàbí 9 ni ẹ̀rọ yín ń kọ, òṣùwọ̀n mìíràn ló ń lò. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀. Fún ọ̀rá, ẹ fi téèpù àwọn aránṣọ wọn ìbàdí ní ọgangan ìdodo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun.

Àyẹ̀wò A1c ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó lè purọ́ fún ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, àti fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. AS pàápàá lè kó bá irú ẹ̀rọ kan. Ẹ sọ jínótáìpù yín fún dókítà. A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ló wà fún.

Ọ̀rọ̀ wíìtì, ká yanjú ẹ̀ kó tó dí wa lọ́wọ́

"Dókítà, mi ò jẹ àmàlà mọ́ o, wíìtì ni mò ń jẹ, ṣúgà ò sì wálẹ̀." Àwọn tó ń tọ́jú alátọ̀gbẹ kì í yéé gbọ́ ọ. Nínú gíráàmù 100 èlùbọ́ iṣu gbígbẹ, nǹkan bí 75 jẹ́ afúnnilókun. Ti wíìtì kò jìnnà sí i. Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ibẹ̀ ló wà, ti gaarí tilẹ̀ lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan má tètè gbé ṣúgà sókè bí èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó fi òkèlè wíìtì ràgàjì rọ́pò òkèlè àmàlà kékeré ti dá kún ẹrù rẹ̀ ni. Ìwọ̀n ló ń ṣiṣẹ́. Torí náà, nínú gbogbo ètò tó ń bọ̀ yìí, kò sí èyí tó fi dandan sọ pé kí ará Ìbàdàn fi àmàlà sílẹ̀.

Ètò kìíní: àwo tí a pín

Ẹ mú àwo pẹrẹsẹ kan. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́: ewédú, ilá, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, kábéèjì. Ìdá mẹ́rin kan jẹ́ ẹja, ẹran tí kò lọ́ràá, ẹyin tàbí ẹ̀wà. Ìdá mẹ́rin tó kù ni òkèlè tàbí ìrẹsì. Ó rọrùn láti sọ. Ìkòkò ló ń dà á rú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀. Ọmọ ọdún 54 ni, ó ń ta aṣọ ní Gbági, ó wọn kílò 92, mẹtifọ́mínì àti gilimẹpiráìdì ló ń lò. Àmàlà ọ̀sán rẹ̀ ń gba nǹkan bí gíráàmù 200 èlùbọ́ gbígbẹ: afúnnilókun 150, kálórì bí 600, kí a tó dárúkọ ọbẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò tó ń jẹ lójúmọ́ sì ń gbé nǹkan bí ṣíbí ìjẹun mẹ́ta epo pupa wá sínú àwo rẹ̀. Ṣíbí epo kan jẹ́ kálórì bí 120.

Nǹkan méjì péré ló yí padà. Ó dín èlùbọ́ kù sí gíráàmù 100, ìyẹn mú kálórì 300 kúrò. Ó dín epo tirẹ̀ kù sí ṣíbí kan, ìyẹn mú 240 kúrò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 540 lójúmọ́, èyí tó wọ inú 500 sí 750 tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ sábà máa ń wá fún ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ díẹ̀, èyí lè mú nǹkan bí ìdajì kílò kúrò lọ́sẹ̀. Yóò máa falẹ̀ bí ara ṣe ń kéré sí i, nítorí ara kékeré kì í lo kálórì tó ara ńlá. Bó bá dín kílò mẹ́rin ààbọ̀ kù, ìyẹn nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á ti máa fi hàn.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà ló sọ ìyókù. Pẹ̀lú àwo àtijọ́, ó wà ní 142 kó tó jẹun, ó di 251 lẹ́yìn wákàtí méjì: ó fi 109 gòkè. Pẹ̀lú àwo tuntun, láti 131 ó lọ sí 187. 56 ló fi gòkè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, òógùn bò ó nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń ṣú. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 64. Àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù ní ebi ló ń pa á, kó lọ jẹun dáadáa, kó fi ètò yẹn sílẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ètò náà ló ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gilimẹpiráìdì fi pọ̀ jù fún un. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi ni wọ́n máa ń lò fún irú ìyẹn, kì í ṣe mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja, tí kò ní tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì wà lábẹ́ 70, kó tún mu ún. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan náà ni kó pe dókítà rẹ̀, kí wọ́n dín gilimẹpiráìdì yẹn kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Kó má dá a ṣe fúnra rẹ̀.

Ohun tó sábà ń ba ètò yìí jẹ́ kò sí lórí àwo. Gaarí tútù ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà ni, tí a kì í kà sí oúnjẹ. Mọ́ọ́tì tí a ń mu nítorí wọ́n ní ó ń fúnni ní ẹ̀jẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ bùkátéríà lẹ ti ń jẹun, ẹ sọ̀rọ̀ kí oníbùkátéríà tó bu oúnjẹ: "Ẹ bá mi bu àmàlà kan, kí ewédú pọ̀, gbẹ̀gìrì díẹ̀, ẹja méjì, ẹ sẹ́ epo orí ọbẹ̀ yẹn sẹ́yìn." Á wò yín lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á ti mọ̀ yín.

Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí owó èlùbọ́ àti epo tó dín kù ń ran ẹja lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń se ìkòkò méjì. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn jù.

Ètò kejì: gígé afúnnilókun kù gan-an

Oríṣi méjì ló wà níhìn-ín, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Èyí tó rọ̀ kì í jẹ́ kí afúnnilókun kọjá gíráàmù 130 lójúmọ́. Ará Ìbàdàn lè ṣe é: òkèlè kan lójúmọ́ láti inú gíráàmù 100 èlùbọ́ ti lo 75, ẹ̀wà díẹ̀, ẹ̀fọ́ àti èso kan lo ìyókù. Àárọ̀ á jẹ́ ẹyin àti ẹ̀fọ́, alẹ́ á jẹ́ ẹja inú ọbẹ̀ ilá láìsí òkèlè. Èyí tó le, tí wọ́n ń pè ní kítò, kì í jẹ́ kó kọjá 50, nígbà mìíràn 20. Kò sí òkèlè níbẹ̀, ẹ̀wà pàápàá di ohun tí a ń kà.

Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú: ó yára. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nọ́ńbà lẹ́yìn oúnjẹ á ti wálẹ̀, ó sì sábà máa ń ṣe dáadáa ju àwọn ètò yòókù lọ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ìyàtọ̀ yẹn ti máa ń dín kù gan-an, nítorí àwọn ènìyàn ti padà sídìí àmàlà wọn.

Ìyára yẹn náà ni ewu rẹ̀. Ẹni tó wà lórí Dáónìlì tàbí ínsúlínì gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo dapagiliflósínì tàbí ẹmupagiliflósínì, kó má ṣe kítò rárá àfi tí dókítà bá kọ́kọ́ yọ oògùn yẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá lè di àpọ̀jù. Bí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde, ẹ sọ ọ́.

Ọ̀nà tó fi ń kùnà nílẹ̀ wa ni epo. Wọ́n ti sọ fún ènìyàn pé ọ̀rá kò ní wàhálà, ó wá ń se ẹ̀fọ́ tí epo léfòó lórí rẹ̀, ó ń jẹ ṣàkì àti ẹran ọlọ́ràá, ó ń fi ẹ̀pà panu láti òwúrọ̀ dálẹ́. Ṣúgà rẹ̀ dára, téèpù kò sì kúrò lójú kan. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà ṣúgà tó rẹwà pẹ̀lú ìbàdí tí kò dín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Owó rẹ̀ ga jù nínú ètò tí a ń sè nílé. Ìkòkò sì máa ń di méjì, àfi tí gbogbo ilé bá gbà.

Ètò kẹta: fífi àkókò sí oúnjẹ

Èyí ni kí ènìyàn jẹun láàárín wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, bí àpẹẹrẹ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó má fi nǹkan kan kan ẹnu ju omi lọ ní ìyókù. Kì í ná owó, ìkòkò kò sì yí padà. Ó bá ọlọ́jà mu dáadáa, ẹni tó jẹ́ pé àárọ̀ kì í rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í wé ẹni tó dín iye kálórì kan náà kù láìwo aago, ọ̀rá tí àwọn méjèèjì ń pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Aago kò ní agbára kan lọ́tọ̀. Ó kàn ń dí ẹnu ni. Ẹni tó bá ṣínu pẹ̀lú ògì, àkàrà mẹ́fà àti dòdò ti jẹ gbogbo ohun tó fi pamọ́.

A mọ ààwẹ̀ n'Ìbàdàn, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé kò yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹ béèrè. Àkókò tí ẹ ń lo Dáónìlì tàbí ínsúlínì gbọ́dọ̀ yí padà, ìwọ̀n rẹ̀ náà sì lè yí. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, kó já a bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 lọ tàbí tó ga ju 300 lọ. Gígún ìka wo ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ àwọn alùfáà.

Ètò kẹrin: mímu dípò jíjẹ

Òun ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù fún ẹni tó fẹ́ kí àtọ̀gbẹ náà fìdí rẹmi, òun náà ló sì le jù láti ṣe níhìn-ín. Nínú ìwádìí DiRECT tí wọ́n ṣe ní Sikọ́tíláǹdì àti àríwá Ìlà-oòrùn Íńgíláǹdì, tí èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lópin 2017, àwọn ènìyàn mu ohun mímu tí wọ́n pèsè, kálórì 825 sí 853 lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, kí wọ́n tó máa dá oúnjẹ padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ṣúgà wọn ti kúrò ní ìpele àtọ̀gbẹ láìlo oògùn. Nínú àwọn tó dín kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kù, ó jẹ́ 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún kejì, 46 yẹn ti di 36.

Ẹ wo àwọn tó wọlé kí ẹ tó fò sókè: àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, kò sẹ́ni tó ń lo ínsúlínì nínú wọn, dókítà sì dá oògùn àtọ̀gbẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn agolo mílíìkì tí wọ́n kọ "fún alátọ̀gbẹ" sí lára ní Dùgbẹ̀ àti Bódìjà kì í ṣe nǹkan kan náà dandan. Tí ẹ bá ń mu ún mọ́ oúnjẹ, ẹ ń fi kálórì kún kálórì ni. Ẹ má sì fi ògì àti mílíìkì dá irú rẹ̀ ṣe nílé. Purotéènì àti fítámì rẹ̀ kò ní tó, iṣan ara náà lè máa bá ọ̀rá lọ.

Ta ni kó mú èwo

Bí ẹ bá wà lórí mẹtifọ́mínì nìkan, tí ẹ̀ ń jẹ nínú ìkòkò ẹbí, ètò kìíní ni. Bí ẹ bá ń lo Dáónìlì, gilimẹpiráìdì tàbí ínsúlínì, ètò kìíní náà ni mo máa ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí dókítà mọ ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà wà nínú báàgì, kí ṣúgà díẹ̀ sì wà nínú láílọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ti pín àwo fún oṣù mẹ́ta, tí nọ́ńbà lẹ́yìn oúnjẹ rẹ̀ ṣì ń kọjá 180, tó sì lówó ẹja, kó bọ́ sí oríṣi tó rọ̀ nínú ètò kejì. Kítò gan-an, ẹni tó ní dókítà tó lè pè láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo gbà níyànjú, kíndìnrín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti gba àyẹ̀wò.

Ètò kẹta dára fún ẹni tí oúnjẹ alẹ́ ni ìṣòro rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà ní aago mẹ́wàá tó sì ń sùn lé e. Kó ti ilẹ̀kùn ìdáná ní aago méje. Ẹni tó wà lórí ínsúlínì kó fò ó, àfi tí dókítà bá bá a tò ó.

Ètò kẹrin, ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ṣì tuntun, tó sanra gan-an, tó lówó ohun mímu náà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, tó sì ní onímọ̀ oúnjẹ tí yóò bá a dá oúnjẹ padà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kó padà sí àwo.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, bí ẹ bá ń mu àgbo tàbí omi ewúro mọ́ oògùn, ẹ sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó já a.